Ìwé ìwáṣẹ́: kí la lè fi bẹ̀rẹ̀ tó yàtọ̀ sí “Mo fi ìwé yìí béèrè fún ipò…”?

Ọmọ Ìgbẹmọ
Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, ẹ kú àsìkò yìí o. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Adó ń wá sítọ́kípà. Wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́bàá ọjà Bísí, mo sì ya á sórí fóònù mi. Ohun tí wọ́n kọ rèé: “A ń wá olùtọ́jú sítóò tó lè kọ àkọsílẹ̀ ohun èlò tó wọlé àti èyí tó jáde, tó lè ka ohun tó wà nílẹ̀ lóṣooṣù, tí ọjà kò ní máa dín lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí àlàyé.” Ímeèlì ni ká fi lẹ́tà àti sífíì ránṣẹ́ sí.

Gbogbo lẹ́tà mi ti wà nílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò wọ̀ mí lójú. Mo kọ ọ́ báyìí: “Mo fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ kọ ìwé yìí láti béèrè fún ipò olùtọ́jú sítóò tí ẹ polówó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yín tó gbajúmọ̀.” Mo mọ̀ pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni n ó fi kọ ọ́ ránṣẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá tú u palẹ̀ níbí, kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ gbà mí o.

Òwe Lẹṣin
Àbúrò, òwe ni kó o fi ṣí i! Ẹni tó ń ka ìwé ogójì, oorun ti ń kùn ún. Ohun tó máa jí i lojú ni kó o fi síwájú. Bí o kò bá fẹ́ òwe, bi í ní ìbéèrè: “Ǹjẹ́ ó ti rẹ̀ yín láti máa wá ọjà tó sọnù?” Ó di dandan kó ka èyí tó kù.

Kọ́pà Ọ̀mùò
Ẹ má gbàgbé láti fi fọ́tò sí i o, kí ẹ sì to àwọn ìwé ẹ̀rí yín láti orí èyí tó dé kẹ́yìn. Tèmi ò ju ojú ìwé méjì lọ.

Ọmọ Ìgbẹmọ
Ẹ ṣeun, Kọ́pà, àmọ́ sífíì nìyẹn. Lẹ́tà tó ń ṣáájú rẹ̀ ni mò ń sọ, gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ nìkan.

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ tí mo ṣe pẹ́ jù ni kíka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, èmi ni mo máa ń yọ ìwọ̀nba tí ọ̀gá máa rí nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹni tó ń kà á.

Lẹ́tà tiwa ní àkọlé. Lẹ́yìn “Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n”, a máa ń kọ orúkọ ipò náà ní lẹ́tà ńlá, a sì máa ń fa ìlà sí i nídìí. Ojú mi ti rí i níbẹ̀. Bí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e bá tún wá sọ fún mi pé ẹ ń béèrè fún ipò náà, ẹ ti sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò sì tíì sọ nǹkankan nípa ara yín. Kì í ṣe pé ó burú. Ṣùgbọ́n ojú mi ti bọ́ sórí ìlà kejì kí n tó parí rẹ̀, tí ìlà kejì bá sì tún jẹ́ “òṣìṣẹ́ kára ni mí, mo sì jẹ́ olóòótọ́”, ó di ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Òwe Lẹṣin, ẹ gba òótọ́ kan sọ: àárẹ̀ ti mú ẹni tó ń kà á. Àmọ́ ẹni tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ àlọ́. Lẹ́tà tó fi òwe bẹ̀rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi ju bí ẹ ṣe rò lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo rántí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ti ìbéèrè tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí ọ̀gá gbà pé ọjà ń sọnù lọ́wọ́ òun fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Bó bá dáhùn nínú ọkàn rẹ̀ pé “rárá”, lẹ́tà ti parí.

Ọmọ Ìgbẹmọ, tún ìpolówó yẹn kà. Gbólóhùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kíkọ ohun tó wọlé, gbogbo sítóò ló ń ṣe é. Kíkà lóṣooṣù, bákan náà. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló jáde láti inú ikùn ẹni tó kọ ọ́: “tí ọjà kò ní máa dín lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí àlàyé.” Nǹkan kan ti dín níbẹ̀ rí, wọn ò sì rí ẹni tó lè ṣàlàyé. Ibẹ̀ ni kí gbólóhùn rẹ kọjú sí. Wàyí o, sọ fún mi: níbi tó o ti ṣiṣẹ́, kí ló dín rí, kí lo sì ṣe sí i?

Ọmọ Ìgbẹmọ
Ẹ ṣeun mà (àbí sà ni?). Ilé ìrẹsì ni mo ti ṣiṣẹ́. A máa ń ra ìrẹsì eléèpo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a ó bọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó wá lọ̀ ọ́. Kílò tó wọlé kì í bá kílò tó kù dọ́gba rárá. Ọ̀gá wa ń fura sí àwọn ọmọkùnrin tó ń sá a. Èmi ni mo ní ká máa wọ̀n ọ́n kó tó dé orí tapólì, ká sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá gbẹ. Ìgbà yẹn la tó rí i pé oòrùn ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ìrẹsì bá ní ọ̀rinrin ìdá 20 nínú 100, tí ẹ bá sá a títí tó fi di 14, kílò 100 yóò di bíi 93. Kò sí ẹni tó jí kílò méje yẹn, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di 85, ẹ jókòó bi ara yín ní ìbéèrè.

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Mà ni. O wá jókòó ti irú èyí, o lọ kọ “tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀”! Kọ ọ́ wá ká rí i.

Ọmọ Ìgbẹmọ
Ó dáa mà. Ẹ wo èyí:

“Nígbà tí ìrẹsì ń dín ní ilé iṣẹ́ tí mo wà, tí ọ̀gá wa sì rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jí i, èmi ni mo fi hàn án pé oòrùn ló ń mú un.”

Tísà Ọ̀yẹ́
Chai. Èyí wọlé! Ẹ fi ránṣẹ́ kíá.

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Kò tíì yá. Ó dùn ún kà, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń kà á. Ọ̀gá ni òun náà. Ohun tó máa gbọ́ ni pé ọmọ yìí ń sọ àṣírí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ fún àlejò, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀gá náà ò gbọ́n. Lọ́la, èmi ló kàn. Ìkejì, ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Wọn ò fẹ́ ẹni tó gbọ́n lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Yọ ọ̀gá kúrò, yọ olè kúrò, kí o fi ohun tó ò ń ṣe sílẹ̀.

Bàbá Ìjerò
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ kàn máa já lu èèyàn láìkí i? Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Òndó, kó tó di 1996, Àkúrẹ́ la máa ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ sí, “mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀” la sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbà mí síṣẹ́, mo fẹ̀yìn tì lórí rẹ̀. Ọmọ tó bá wọlé láìkúnlẹ̀, bó ti wù kó gbọ́n tó, èmi ò ní gbà á.

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Fún iṣẹ́ ìjọba, èmi náà fara mọ́ tiyín títí dòní. Lẹ́tà tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, inú fáìlì ló ń lọ, ohun tí akọ̀wé tó ń fáìlì ń wá nínú rẹ̀ ni ipò wo, ọ̀nà wo, ọjọ́ wo. Bí ìlà àkọ́kọ́ ò bá sọ ọ́, ó máa gbé e síbi tí kò yẹ. Tó bá tún jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń kún fọ́ọ̀mù, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sẹ́ àwọn èèyàn, gbólóhùn dídùn kò ní sọ ìwé ẹ̀rí tí ẹ ò ní di èyí tí ẹ ní. Ìwé ilé iṣẹ́ aládàáni, tí ẹni tó ni ín tàbí máníjà rẹ̀ ń fi ojú ara rẹ̀ kà, ni ohun tí mò ń sọ wà fún. Ìkíni náà ò sì sọnù: “Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n” ti kúnlẹ̀ fún un.

Bàbá Ìjerò
Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Mo ti gbọ́ tiyín, tèmi ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìdó
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu tèmi sí i kí ọmọ yìí tó kọ òmíràn. Ohun tó ń dín ní sítóò wa kì í ṣe àpò ńlá. Gílóófù, síríǹjì, òwú, púlásítà ni. Wọ́ọ̀dù á wá gbé páálí gílóófù kan lóru, wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, sítọ́kípà á ní òun ò mọ̀. Èkejì ni pé ohun èlò tó ní ọjọ́ ìparí máa ń jókòó sẹ́yìn lórí pẹpẹ, wọ́n á máa kó tuntun síwájú rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀, ọjọ́ ti kọjá. Èyí náà jẹ́ “ọjà tó dín”, àmọ́ kò sí ẹni tó jí i.

Mo tún fẹ́ sọ pé kó má mẹ́nu kan oògùn o. Apòògùn ló ni oògùn. Sítọ́kípà tó bá kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé òun máa tọ́jú oògùn wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìgbẹmọ
Háà, ẹ kú oore mà. “Oògùn” wà nínú èyí tí mo ń kọ lọ́wọ́. Mo tún ìpolówó wò, “ohun èlò” ni wọ́n kọ lóòótọ́. Ó dáa, ẹ wo èyí:

“Ní ilé ìrẹsì tí mo ti ń tọ́jú sítóò, gbogbo àpò la máa ń wọ̀n kí a tó sá a àti lẹ́yìn tó bá gbẹ, tó fi jẹ́ pé bí kílò bá dín, ìwé mi ló ń sọ bóyá oòrùn ló mú un tàbí ọwọ́ èèyàn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ máa kọ fún ohun èlò ilé ìwòsàn yín, ní ipò olùtọ́jú sítóò tí ẹ polówó rẹ̀.”

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Ẹ ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ wo bí ó ṣe rí. Ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀, ohun tó ń ṣe wà níbẹ̀, àbájáde rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì dáhùn gbólóhùn tó ń ro wọ́n nínú láìdárúkọ rẹ̀. Ipò tó ń wá kò sọnù, ó kàn sún sí gbólóhùn kejì, ibi tó ti wúlò, nítorí ẹni tó ń kà á ti ń bi ara rẹ̀ pé “kí lẹni yìí wá ń fẹ́?”

Bí mo ṣe máa ń dán an wò rèé: fi ọwọ́ bo orúkọ rẹ, kó o wá bi ara rẹ bóyá ẹlòmíràn tó ń wá iṣẹ́ kan náà lè kọ gbólóhùn yìí láìparọ́. “Mo jẹ́ olóòótọ́” gba gbogbo wọn. Ti oòrùn àti ọwọ́ èèyàn yìí, ìwọ nìkan ló gbà. Kí o sì mọ̀ pé ohun tó o bá kọ síbẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n á ní, “Báwo lo ṣe ń mọ̀ bóyá oòrùn ni?” Ìdáhùn rẹ nípa 100 àti 93 yẹn ni kó o tọ́jú pa mọ́ fún ọjọ́ náà, má kó o sínú lẹ́tà. Ẹni tó bá fi ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ lé lórí bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń pe ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Òwe Lẹṣin
Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbà. Àmọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ti gùn jù. Kí a tó dé “ọwọ́ èèyàn”, èémí ti ń tán.

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Òótọ́ lẹ sọ síbí o. Ká gé e. Àbúrò, pín in sí méjì: “Ní ilé ìrẹsì tí mo ti ń tọ́jú sítóò, a máa ń wọn gbogbo àpò kí a tó sá a àti lẹ́yìn tó bá gbẹ. Bí kílò bá dín, ìwé mi ló ń sọ bóyá oòrùn ló mú un tàbí ọwọ́ èèyàn.” Lẹ́yìn náà kí ti ilé ìwòsàn tẹ̀ lé e.

Tísà Ọ̀yẹ́
Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tèmi náà. Ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ń wá tísà ìṣirò. Ẹnì kan tó ń kọ́ni níbẹ̀ ló sọ fún mi, wọn ò tíì lẹ ìwé kankan síta. Ṣé kí n fi orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n wá ohun tí mo ṣe bíi ti Ọmọ Ìgbẹmọ?

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Orúkọ rẹ̀ ni o. Kò sí gbólóhùn kankan tó lágbára tó orúkọ ẹni tí ọ̀gá mọ̀, pàápàá nígbà tí iṣẹ́ ò tíì jáde síta, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa sọ sí i lọ́kàn ni “ta ló sọ fún un?” Ṣùgbọ́n ẹ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́, kí ẹ sì mọ bí òun àti ọ̀gá náà ṣe wà. Mo ti rí lẹ́tà tó fi orúkọ tísà kan bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá ń wá bó ṣe máa lé tísà yẹn ló dé. Orúkọ nìkan ò sì tó, ẹ so iṣẹ́ mọ́ ọn: “Ọ̀gbẹ́ni báyìí ló sọ fún mi pé ẹ ń wá tísà ìṣirò fún kíláàsì tó ń múra ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́wọ́ ní Ọ̀yẹ́ nìyẹn.”

Kọ́pà Ọ̀mùò
Èmi tí mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí ńkọ́? Kò sí sítóò, kò sí ìrẹsì. Ìwé ẹ̀rí ni mo ní, àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín mi sí ní Ọ̀mùò. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé “Bí n kò tilẹ̀ ní ìrírí, mo ṣe tán láti kọ́ṣẹ́.”

Nọ́ọ̀sì Ìdó
Jọ̀ọ́, má fi “n kò ní” bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta iṣu kì í kọ́kọ́ gbé èyí tó jẹrà han oníbàárà.

Òwe Lẹṣin
Èmi rò pé kó sọ ọ́ ní gbangba. Ọjọ́ orí rẹ̀ á fi í hàn nínú sífíì, wọn á ní ó fi pa mọ́.

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Kò pa nǹkankan mọ́, sífíì wà níbẹ̀ fún un. Kọ́pà, kí lò ń kọ́ wọn ní Ọ̀mùò?

Kọ́pà Ọ̀mùò
Kẹ́mísìrì. Yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì wọn wà, àmọ́ kò sí ohun èlò níbẹ̀. Ọtí kíkan àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ni mo fi ń fi ásíìdì hàn wọ́n. Ó ń hó, wọ́n ń pariwo.

Akọ̀wé Àgbà, Adó
O ti kọ gbólóhùn rẹ, o kàn ò mọ̀ ni. “Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà ní Ọ̀mùò, ọtí kíkan àti sódà búrẹ́dì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ásíìdì, nítorí yàrá ìdánwò kò ní ohun èlò.” Fún ilé ẹ̀kọ́ ló dáa jù. Tó bá jẹ́ báǹkì lò ń wá, wá nǹkan mìíràn, nítorí báǹkì ò ní í rí ara rẹ̀ nínú ọtí kíkan. Kó o sì ṣọ́ra bó o ṣe kọ ọ́, kó má dà bí ẹni pé ò ń tú ilé ẹ̀kọ́ yẹn fó.

Òwe Lẹṣin
Ṣùgbọ́n “yàrá ìdánwò kò ní ohun èlò” kì í ṣe títú fó?

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Ó sún mọ́ ọn, mo gbà. Ó lè yọ ọ́ kúrò, ọtí kíkan ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìgbẹmọ
Ìbéèrè tó kẹ́yìn: ímeèlì ni wọ́n ní ká fi ránṣẹ́. Lẹ́tà máa wà nínú fáìlì tí mo fi kún un. Kí ni kí n kọ sínú ímeèlì fúnra rẹ̀? Mo ti máa ń kọ “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ìwé mi tí mo fi kún un.”

Akọ̀wé Àgbà, Adó
O máa ba gbogbo iṣẹ́ alẹ́ yìí jẹ́ nìyẹn. Lórí fóònù, kí wọ́n tó ṣí ímeèlì rárá, orúkọ rẹ, àkọlé rẹ̀, àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló máa ń hàn. Bó bá jẹ́ “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ìwé mi” ló hàn, ti gbogbo wọn nìyẹn. Kọ orúkọ ipò àti orúkọ rẹ sí àkọlé. Nínú ímeèlì, lẹ́yìn ìkíni kúkúrú kan, gbé gbólóhùn tí a gé yẹn sí i bó ṣe wà, kí o wá ní lẹ́tà àti sífíì wà nínú fáìlì. Bí wọn ò bá tiẹ̀ ṣí fáìlì lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ka ti oòrùn.

Bàbá Ìjerò
Ìkíni kúkúrú kan, ẹ gbọ́ o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ tèmi díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Ìgbẹmọ
Mo ti fi “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá mi” sí i nítorí yín, Bàbá. Ó ti lọ. Tísà Ọ̀yẹ́, ṣé ẹni yẹn ti fún yín ní ìyọ̀ǹda?

Tísà Ọ̀yẹ́
Ó ní kí n kọ ọ́, àmọ́ kí n má kọ ọ́ pé òun ló ní wọ́n ń wá èèyàn, kí n kọ ọ́ pé òun mọ iṣẹ́ mi. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Akọ̀wé Àgbà, Adó
Kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó sọ yẹn ṣàǹfààní fún ẹ jù. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.